Ojú rí i, ìbéèrè kò sọ ọ́: bí àwòrán jiọ́mẹ́tírì ṣe ń ṣini lọ́nà

Ẹ wo ìbéèrè yìí. Onígun mẹ́ta kan wà tó ń jẹ́ ABC. Ẹ̀gbẹ́ AB gùn ní sẹ̀ǹtímítà 13, AC gùn ní 15, BC tó wà nísàlẹ̀ sì gùn ní 14. D ni àárín gbùngbùn BC. Wọ́n fa ìlà láti A sọ̀kalẹ̀ wá sí D, wọ́n wá ní ká sọ bí AD ṣe gùn tó.

Nínú àwòrán tó bá ìbéèrè náà wá, A wà lókè, BC tẹ́ gbalaja nísàlẹ̀, AD sì sọ̀kalẹ̀ láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. D wà láàárín, nítorí náà BD jẹ́ 7. Wọ́n á kọjú sí onígun mẹ́ta ABD tó wà lápá òsì, wọ́n á lo òfin Pàìtàgórásì: 13² yọ 7² kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn 169 − 49, ó ku 120. Gbòǹgbò 120 jẹ́ bíi 10.95. Wọ́n á kọ 10.95 sílẹ̀, wọ́n á fa ìlà sí i nídìí, wọ́n á sì bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn.

Ẹ jẹ́ ká gba apá ọ̀tún ṣe iṣẹ́ kan náà. Nínú onígun mẹ́ta ACD, AC jẹ́ 15, DC náà jẹ́ 7. 225 − 49 jẹ́ 176, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ bíi 13.27. Ìlà kan ṣoṣo ni AD. Kò lè gùn ní 10.95 fún ẹni tó wò ó láti òsì, kó tún gùn ní 13.27 fún ẹni tó wò ó láti ọ̀tún. Níbi tí ìṣirò méjì bá ti ń bá ara wọn jà báyìí, a ti fi ohun kan kún ìbéèrè tí ẹni tó kọ ọ́ kò fi síbẹ̀. Ohun náà nínú iṣẹ́ yìí ni igun 90 dígírì ní D. Òfin Pàìtàgórásì kì í ṣiṣẹ́ níbi tí kò bá sí igun 90, ìbéèrè yìí kò sì sọ níbì kankan pé AD dúró ṣánṣán lórí BC. Ohun tó sọ ni pé D wà ní àárín. Ojú wa ló sọ ìyókù.

Bí a ṣe lè rí ìdáhùn tòótọ́ nìyí. A ó fa ìlà tiwa láti A, tí a mọ̀ dájú pé ó dúró ṣánṣán lórí BC, torí pé àwa fúnra wa la fà á bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ibi tó ti kan BC ní H. A kò mọ ibi tí H wà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká pe BH ní x. HC á wá jẹ́ 14 − x. Ní apá òsì, AH² jẹ́ 169 − x². Ní apá ọ̀tún, AH² kan náà jẹ́ 225 − (14 − x)². Bí a bá tú àkámọ́ náà, tí a sì fi méjèèjì dọ́gba:

169 − x² = 225 − 196 + 28x − x²

x² fò kúrò lápá méjèèjì, ó ku 169 = 29 + 28x, x sì jẹ́ 5. AH² jẹ́ 169 − 25, ìyẹn 144, AH sì jẹ́ 12 géérégé. H wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí B, D wà ní 7 sí B, nítorí náà àyè tó wà láàárín H àti D jẹ́ 2. Onígun mẹ́ta AHD ní igun 90 tòótọ́ ní H, a sì lè lo Pàìtàgórásì nínú rẹ̀ láìbẹ̀rù: AD² = 144 + 4 = 148. AD jẹ́ bíi 12.17.

Ẹ kíyè sí bí àṣìṣe náà ṣe kéré tó lójú. Ibi tí ìlà ṣánṣán ti kan ilẹ̀ kò jìnnà sí D ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Igun tí AD ṣe pẹ̀lú BC ní apá B tó bíi 80.5 dígírì, ó fi bíi dígírì 9.5 dín sí 90. Bí ìwé bá wá ya àwòrán náà kéré, tí wọ́n dín in kù sí ìdá mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 2 yẹn á di mílímítà 5. Ta ni yóò rí mílímítà 5 tí yóò ní ìlà yìí kò dúró ṣánṣán? Ṣùgbọ́n nínú ìdáhùn, ohun kékeré yìí ló sọ 12.17 di 10.95.

A tún lè yí ìbéèrè náà padà. Àwòrán kan náà, ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n sọ pé AD dúró ṣánṣán lórí BC, wọn kò sì dárúkọ àárín rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan náà á tún kọ BD = 7. Ó ti gbọ́ nípa igun 90, ojú rẹ̀ wá fi àárín kún un. BD ibí yìí jẹ́ 5, AD sì jẹ́ 12. Ohun kan ṣoṣo ni onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ méjì rẹ̀ dọ́gba fi yàtọ̀ sí tiwa lórí ọ̀rọ̀ yìí: nínú rẹ̀, ìlà láti orí tó lọ sí àárín ìsàlẹ̀ náà ló tún ń dúró ṣánṣán. Nínú ti 13, 14 àti 15, ìlà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Kí ló dé tí ojú fi ń ṣe èyí? Mo gbà pé àwa tí a ń ya àwòrán fún àwọn ọmọ ló fà á jù. Ẹni tó ń ya onígun mẹ́ta sójú pátákó kì í fẹ́ kó rí wọ́gọwọ̀gọ. Yóò tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbalaja, yóò gbé orí rẹ̀ sí àárín, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láìjẹ́ pé ó gbèrò bẹ́ẹ̀. Onígun mẹ́rin tó bá yà á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ojú fèrèsé. Ọmọ tó bá ti wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ láti kíláàsì dé kíláàsì á máa rò pé bí onígun mẹ́ta ṣe máa ń rí nìyẹn.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ló yẹ ká máa bi ara wa lórí gbogbo ohun tí a bá fẹ́ kọ sílẹ̀ látinú àwòrán: ta ló sọ ọ́? Ohun mẹ́ta ló lè dáhùn. Ọ̀rọ̀ ìbéèrè lè ti sọ ọ́. Àmì tí wọ́n fi sínú àwòrán lè ti sọ ọ́: àpótí kékeré ní kọ̀rọ̀ igun túmọ̀ sí 90 dígírì, ìlà tínńtín tí wọ́n fi gé ẹ̀gbẹ́ méjì lágbede túmọ̀ sí pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba, orí ọfà lára ìlà méjì túmọ̀ sí pé wọ́n jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ni pé wọ́n ń bá ara wọn rìn lọ tí wọn kò sì ní pàdé láé. Tàbí kó jẹ́ pé àwa fúnra wa ti fi òfin tí a mọ̀ fà á jáde látinú méjì àkọ́kọ́. Bí kò bá sí èyí tó dáhùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú ló sọ ọ́, a kò sì gbọdọ̀ lò ó.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé àwòrán kò wúlò fún nǹkan kan. Nínú ìbéèrè ilé ẹ̀kọ́, a máa ń gbà á gbọ́ lórí bí nǹkan ṣe tò: pé D wà lórí BC, pé ó wà láàárín B àti C, pé ìlà méjì kan gba orí ara wọn kọjá, pé ibi báyìí wà nínú òbìrìkìtì tàbí níta rẹ̀. Bí ìlà méjì bá gba orí ara wọn kọjá, àwọn igun tó kọjú síra dọ́gba, kò sì sí ẹni tó nílò àmì kí ó tó lo ìyẹn. Ohun tí a kì í gbà gbọ́ ni ìwọ̀n: bí nǹkan ṣe gùn tó, bí igun ṣe ṣí tó, bóyá nǹkan méjì dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí WAEC fi sábà máa ń kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé wọn kò yà á ní ìbámu pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ má bàa fi ojú wọn ohunkóhun. Ibi tí kò bá sì sí, kí a ṣe bí ẹni pé ó wà.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá ojú ń tan wá jẹ. Ẹ tún àwòrán náà yà kó burú. Ẹ pa gbogbo ohun tí ìbéèrè sọ mọ́, kí ẹ wá ba gbogbo ohun tí kò sọ jẹ́. Nínú ìbéèrè wa àkọ́kọ́, ìbéèrè sọ pé D wà láàárín, nítorí náà ẹ fi síbẹ̀. Kò sọ pé AD dúró ṣánṣán, nítorí náà ẹ ti A lọ sí apá òsì títí AD fi dà sí ẹ̀gbẹ́ kan gedegbe. Ẹni tó bá wo àwòrán kejì yìí kò ní ronú kan Pàìtàgórásì ní D rárá.

Ti ìlà párálẹ́ẹ̀lì ṣòro rí ju ti igun 90 lọ. Ẹ jẹ́ ká mú onígun mẹ́rin ABCD. AB wà nísàlẹ̀, DC wà lókè, àwọn méjèèjì sì tẹ́ bí ẹni pé wọ́n ń bára wọn rìn. Igun A jẹ́ 72 dígírì, B jẹ́ 110, C jẹ́ 75. Wọ́n ní ká wá D. Akẹ́kọ̀ọ́ wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó ní párálẹ́ẹ̀lì ni wọ́n. Bí ìlà méjì bá sì jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì, tí ìlà kẹta wá gé wọn, àròpọ̀ igun méjì tó wà nínú, ní apá kan náà, jẹ́ 180. Ó wá kọ 180 − 72 = 108.

Kò sí ẹni tó sọ pé AB àti DC jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì. Ohun tó dájú fún gbogbo onígun mẹ́rin ni pé àròpọ̀ igun inú rẹ̀ jẹ́ 360. 72 + 110 + 75 jẹ́ 257, nítorí náà D jẹ́ 103. Ẹ̀rí pé párálẹ́ẹ̀lì kọ́ wà lójú ìbéèrè gan-an: bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, B àti C náà ì bá pé 180, ṣùgbọ́n 110 + 75 jẹ́ 185. Bí a bá fa AB àti DC gùn kọjá BC, wọ́n á pàdé níbì kan, igun tí wọ́n á sì ṣe níbẹ̀ jẹ́ dígírì 5. Lórí ìlà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, dígírì 5 kì í gbé orí ìlà náà kúrò níbi tó yẹ kó wà ju bíi mílímítà 9 lọ. Nínú àwòrán kékeré, ojú á fojú fò ó.

Níbi tí èyí ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni ìbéèrè tó ní ká fi ẹ̀rí hàn pé ìlà méjì jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ pé igun báyìí dọ́gba pẹ̀lú igun báyìí torí pé ìlà méjèèjì jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì, á wá lo igun náà láti fi sọ pé ìlà méjèèjì jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì. Gbogbo ìlà tó kọ lè dà bí òótọ́, síbẹ̀ kò tíì fi ẹ̀rí ohunkóhun hàn, torí ohun tí wọ́n ní kó wá ló kọ́kọ́ mú. Ibòmíràn ni ìdọ́gba igun náà gbọ́dọ̀ ti wá: láti ara onígun mẹ́ta méjì tó bára mu délẹ̀délẹ̀, tàbí láti ara ìwọ̀n tí ìbéèrè fúnni. Lẹ́yìn ìyẹn ni párálẹ́ẹ̀lì á wá gbẹ̀yìn.

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé a máa ń gba àwòrán gbọ́ lórí bí nǹkan ṣe tò. Ìyẹn jẹ́ fún àwòrán tí ìbéèrè fúnni. Àwòrán tí àwa fúnra wa bá fọwọ́ yà kò ní àǹfààní yẹn. Ẹ̀rí èké kan wà tó ti pẹ́ láàárín àwọn onímọ̀ ìṣirò, tó fi èyí hàn kedere. Ó ní òun lè fi hàn pé ẹ̀gbẹ́ méjì nínú onígun mẹ́ta èyíkéyìí dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká fi onígun mẹ́ta wa dán an wò, kó fi hàn wá pé 13 dọ́gba pẹ̀lú 15.

Ẹ fa ìlà tó pín igun A sí méjì ọgbọọgba. Ẹ fa ìlà mìíràn tó dúró ṣánṣán lórí BC ní àárín rẹ̀. Ìlà méjèèjì pàdé. Ẹ pe ibẹ̀ ní P. Nínú àwòrán tí a fọwọ́ yà, P bọ́ sínú onígun mẹ́ta náà. Láti P, ẹ fa ìlà tó dúró ṣánṣán lórí AB, kó kàn án ní F, àti òmíràn lórí AC, kó kàn án ní E. Torí pé P wà lórí ìlà tó pín igun A, PF dọ́gba pẹ̀lú PE, AF náà sì dọ́gba pẹ̀lú AE. Torí pé P wà lórí ìlà ṣánṣán àárín BC, PB dọ́gba pẹ̀lú PC. Onígun mẹ́ta PFB àti PEC wá ní igun 90 kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí igun 90 nínú wọn dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ mìíràn kan náà dọ́gba, nítorí náà wọ́n bára mu délẹ̀délẹ̀, FB sì dọ́gba pẹ̀lú EC. AF kún FB jẹ́ AB. AE kún EC jẹ́ AC. Nítorí náà AB dọ́gba pẹ̀lú AC.

Ẹ tún un kà. Gbogbo ìdọ́gba tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Kò sí igun 90 kankan tí a kò ní ẹ̀tọ́ sí. Síbẹ̀ ìparí rẹ̀ kò lè jẹ́ òótọ́, torí 13 kì í ṣe 15.

Ìdọ́gba ìwọ̀n kọ́ ni àṣìṣe ibí yìí, ibi tí nǹkan wà ni. Bí ẹ bá mú rúlà àti kọ́ńpáàsì, tí ẹ ya 13, 14, 15 bó ṣe yẹ, ẹ ó rí i pé P kò sí nínú onígun mẹ́ta náà rárá. Ó wà nísàlẹ̀ BC, ní sẹ̀ǹtímítà 4 géérégé sí D. AF àti AE dọ́gba lóòótọ́, 14 ni wọ́n. Ṣùgbọ́n AB kò ju 13 lọ, nítorí náà F kò sí láàárín A àti B. Ó fi sẹ̀ǹtímítà 1 kọjá B, lórí ìlà AB tí a fà gùn. AC jẹ́ 15, nítorí náà E wà láàárín A àti C, ó ku sẹ̀ǹtímítà 1 kó dé C. FB dọ́gba pẹ̀lú EC bí ẹ̀rí náà ṣe wí, 1 ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n AB jẹ́ AF yọ FB kúrò, 14 − 1, nígbà tí AC jẹ́ AE kún EC, 14 + 1. Àmì ìkún kan tó yẹ kó jẹ́ àmì ìyọkúrò ló sọ 13 di 15. Ẹni tó bá fẹ́ wádìí rẹ̀ síwájú lè wo PB: láti D, PB² jẹ́ 7² + 4², ìyẹn 65, láti F, PF jẹ́ 8, PB² sì jẹ́ 8² + 1², ìyẹn 65 náà. Méjèèjì bára mu.

Àwọn onímọ̀ fúnra wọn pẹ́ kí wọ́n tó rí ihò yìí. Láti ayé Yúkílíìdì, onímọ̀ jiọ́mẹ́tírì ará Gíríìsì àtijọ́, ni wọ́n ti ń ka ibi tó wà láàárín ibi méjì látinú àwòrán, láìsí òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Ní 1882 ni Moritz Pasch, ará Jámánì, kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ jáde, tó fi di ohun tí ènìyàn lè fi ẹ̀rí hàn láìwo àwòrán. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, torí ó ń sọ fún ọmọ tó ṣi àwòrán kà pé ojú àwọn àgbà onímọ̀ náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn.

Ibì kan wà tí ìlò àwòrán yí padà pátápátá. Bí ìbéèrè bá ní ká fi rúlà àti kọ́ńpáàsì nìkan ya onígun mẹ́ta ABC, ká wá wọn AD, ìwọ̀n ni wọ́n ń béèrè, ẹni tó bá sì yà á dáadáa á ka bíi 12.2 lórí rúlà rẹ̀. Bí ìbéèrè bá sì ní ká ṣe ìṣirò AD, 12.2 tí a kà lórí rúlà kò lè dúró fún ìṣirò, ṣùgbọ́n a lè fi í yẹ ìdáhùn wa wò kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ti rí 10.95, tó wá wọn 12.2, á mọ̀ pé kí òun padà lọ wo ibi tí igun 90 ti wọlé.